Ọmọ Púpọ̀ Kọ́ Ni Ọ̀tẹ́lò

Àwa kò fara mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń ta Ọ̀tẹ́lò bí ẹni ń ta ayò ọlọ́pọ́n, tí wọ́n ń sáré kó ọmọ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ayò tí a bá jẹ ní Ìpetumodù ti jáde nínú ọpọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀tẹ́lò tí dúdú há sáàárín tirẹ̀ méjì, tí ó sì yí padà, tún lè di funfun. Nínú ilé 64, èyí tí ó bá wọ igun kò ṣeé yí mọ́, nítorí kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀ tí a lè gbà há a.

Bí dúdú bá kó ọmọ jọ jù, ọmọ funfun tí yóò há yóò ṣọ̀wọ́n, àyè àtita rẹ̀ yóò sì dín kù. Bí àyè kan ṣoṣo tí ó kù bá jẹ́ ilé tí ó kan igun ní ìdábùú, dandan ni kí ó ta á, nítorí òfin kò gbà kí ẹni tí ó ní àyè dákẹ́. Bí funfun bá sì wà níwájú ọmọ náà lórí ìlà ìdábùú yẹn, yóò bọ́ sí igun, yóò yí i.

Nítorí náà, kí a tó ta, ẹ jẹ́ kí a ka àyè tí a ó ṣí fún ẹnìkejì. Ìgbà tí ilé bá ń tán lọ ni kí a ka ọmọ.