Ẹ Yé Sọ Pé Kóòdù Kì Í Purọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára, ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa tó ń jẹ wá lówó. A gbà pé bí a bá ti fún oníṣẹ́ fídíò ní kóòdù ẹ̀dínwó, iye ìgbà tí wọ́n lò ó ni iye ọjà tí fídíò rẹ̀ bá wa tà. Irọ́ gbáà ni.

Ká ní ọlọ́ṣẹ dúdú kan ní Ìbàdàn ń ta páálí ọṣẹ ní náírà 5,000. Ó fún obìnrin kan tó ń ṣe fídíò ní kóòdù OSE500: ẹni tó bá lò ó yóò gba ẹ̀dínwó náírà 500, obìnrin náà yóò sì gba 500 tirẹ̀. Lóṣù kan, ìgbà 100 ni wọ́n lò ó. Inú ọlọ́ṣẹ dùn, ó sanwó. Àmọ́ nígbà tó wo orúkọ àwọn tó rà á, 45 nínú wọn jẹ́ oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Ẹnì kan ló ti ju kóòdù náà sórí Wàtsáàpù, àwọn tó ti fẹ́ ra ọṣẹ tẹ́lẹ̀ sì rí i he. Náírà 45,000 ló bá a lọ lórí ọjà tí ì bá tà láìsí fídíò kankan. Bí ẹ bá rí i pé àwọn tó ń wo fídíò ń dín kù, tí àwọn tó ń lo kóòdù sì ń pọ̀ sí i, ó ti jò nìyẹn.

Kóòdù yìí kan náà tún máa ń fi òtítọ́ pamọ́. Ẹni tó wo fídíò, tó lọ fowó ra ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù, kò lo kóòdù rárá. Líǹkì tó ní àmì pàápàá ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó:

```
?utm_source=youtube&utm_campaign=ose1
```

Lórí áífóònù, Sáfárì lè pa àkọsílẹ̀ tí líǹkì yìí fi sílẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7 bí ẹni náà kò bá padà wá. Bó bá wá rajà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìṣirò yóò sọ pé fúnra rẹ̀ ló wá.

Àwọn kan yóò ní, ṣé ká wá pa kóòdù tì ni? Rárá o. Ẹ fún fídíò kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀, kí ó sì parí lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún oníbàárà tuntun nìkan. Ẹ fi líǹkì alámì tì í, kí ẹ sì bi gbogbo ẹni tó bá ń sanwó, títí kan àwọn ti ṣọ́ọ̀bù, pé: "Níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?" Bí ìdáhùn wọn bá dárúkọ fídíò ju bí kóòdù ti kà lọ, fídíò náà ń tajà ju bí ẹ ti rò lọ, ẹ má tíì lé ẹni tó ṣe é. Bí kóòdù bá ga, tí ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ fídíò, ẹ dáwọ́ owó dúró ná títí ẹ ó fi mọ ibi tí kóòdù gbà jáde.