Tọ́ọ̀nù Ogún Tí Kò Pé Ogún: Lẹ́tà Sí Àwọn Oníyanrìn Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Sí ẹ̀yin tí ń ta yanrìn, ẹ̀yin awakọ̀ típà, ẹ̀yin tí ń mọ búlọ́ọ̀kù, àti ẹ̀yin ẹnjiníà tí ń bójú tó iṣẹ́ ilé ní Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin:

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ Festac Town sílẹ̀ de àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977, ilé kíkọ́ kò tíì dáwọ́ dúró lágbègbè náà. Ojoojúmọ́ ni típà ń já yanrìn sẹ́nu ọ̀nà onílé. Bí onílé bá bèèrè iye rẹ̀, "tọ́ọ̀nù márùn-ún," "tọ́ọ̀nù mẹ́wàá," "tọ́ọ̀nù ogún" ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ìwúwo ni tọ́ọ̀nù ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbé yanrìn náà sórí òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ ló bù ú sínú típà títí ó fi kún, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ pe ẹrù. Àṣà yìí ni lẹ́tà yìí wá bá wí. Yanrìn tó kún àyè kan náà kì í wúwo bákan náà lójoojúmọ́. Omi ló ń yí i padà, ọ̀nà tó sì ń gbà yí i kì í ṣe ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò.

Ọmọdé tó ti fi yanrìn bo ẹsẹ̀ rí láti fi kọ́lé mọ̀ ọ́n dáadáa. Yanrìn gbígbẹ kì í dúró, ńṣe ló ń ṣàn. Èyí tó rin díẹ̀ ni ọmọdé máa ń wá, nítorí pé bó bá yọ ẹsẹ̀ kúrò, ihò náà kò ní wó. Bí omi bá sì ya bo ilé ọ̀hún, ó wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú típà nìyẹn gẹ́lẹ́.

Omi díẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara hóró yanrìn bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́. Awọ omi yìí a máa fà mọ́ ara rẹ̀, bí ẹ̀kán omi ṣe ń ká ara rẹ̀ jọ sórí ewé kókò. Ó so hóró kan mọ́ èkejì níbi tí wọ́n ti fara kanra, kò sì jẹ́ kí wọ́n yọ̀ wọnú àlàfo tó wà láàárín wọn. Àlàfo pọ̀, yanrìn wú. Bí omi bá ti tó nǹkan bí ìdá 4 sí 6 nínú 100 ìwúwo yanrìn, wíwú náà a dé góńgó: yanrìn àárín lè fi ìdá 20 sí 30 nínú 100 kún àyè tó ń gbà, èyí tó kúnná sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá wá pọ̀ tó láti kún gbogbo àlàfo, awọ yẹn ti pòórá, hóró jókòó padà, yanrìn sì gba àyè tó ń gbà nígbà tó gbẹ.

Nítorí náà, kì í ṣe yanrìn tí òjò pa ní àpaàkúdórógbó ló ń jẹ onílé lówó bí wọ́n bá fi kíkún típà tà á. Èyí tí wọ́n fà láti inú omi, tó ti ro létí odò fún ọjọ́ mélòó kan, tí òkè rẹ̀ funfun àmọ́ tí inú rẹ̀ tutù díẹ̀, òun gan-an ló yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ìrísí rẹ̀ kò sì jọ ohun tí èèyàn lè fura sí.

Ẹ jẹ́ ká gbé típà kan yẹ̀ wò. Ká ní inú rẹ̀ gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 2.5, yanrìn sì ga ní mítà 1.2. Kúbíkì mítà 12 nìyẹn. Bí yanrìn náà bá gbẹ, tí kúbíkì mítà kan sì jẹ́ kílò 1,600, ẹrù náà á jẹ́ tọ́ọ̀nù 19.2, kò jìnnà sí ogún tí wọ́n pè é. Bó bá rin ní ìdá 5 tó sì wú ní ìdá 25, yanrìn inú rẹ̀ kò ju tọ́ọ̀nù 15.4 lọ. Omi tó wà lára rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà òṣùwọ̀n á sọ pé tọ́ọ̀nù 16 àti díẹ̀ ni. Típà kan náà, kíkún kan náà, yanrìn sì fi tọ́ọ̀nù mẹ́rin ó dín díẹ̀ dín. Awakọ̀ lè má jí ẹyọ hóró kan. Ibi tí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n lójú ọ̀nà Àgbádárìgì pàápàá, yanrìn á tún jókòó díẹ̀, onílé á rí i pé ó ti lọ sílẹ̀, ìjà á dé láìnídìí.

Ṣé kí wọ́n kúkú máa fi òṣùwọ̀n tà á? Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá ra tọ́ọ̀nù 20 yanrìn tó rin gbingbin, tí omi rẹ̀ tó ìdá 15, yanrìn tọ́ọ̀nù 17.4 ló rà, ó sì fi owó yanrìn ra omi tọ́ọ̀nù 2.6.

Òkúta wẹ́wẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Gíráníìtì tó ń ti àwọn ibi ìfọ́kúta Ògùn wọ Èkó tóbi lẹ́yọ lẹ́yọ, ó wúwo ju ohun tí awọ omi lè gbé ró lọ, nítorí náà kì í wú. Omi ara rẹ̀ sábà máa ń wà ní ìdá kan tàbí méjì péré. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń tà á ṣeé gbà, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni orí kọnkéré. Bíríkìlà ń po ọ̀kan sí méjì sí mẹ́rin: àpò símẹ́ńtì kan tó kílò 50, èyí tó tó lítà 35, pẹ̀lú yanrìn lítà 70 àti gíráníìtì lítà 140. Bí yanrìn bá ti wú ní ìdá 25, lítà 70 tó wọ̀n kò ju 56 lọ. Àpòpọ̀ náà ti di ọ̀kan sí 1.6 sí mẹ́rin. Yanrìn kò tó dí àárín òkúta mọ́, kọnkéré á le láti tẹ́, ihò bí afárá oyin á sì hàn lára òpó nígbà tí wọ́n bá tú pákó. Símẹ́ńtì tí wọ́n ṣírò kò ní tó iṣẹ́, nítorí kọnkéré tó jáde kéré. Yanrìn yẹn sì ti gbé omi tó lítà mẹ́rin àti ààbọ̀ wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò yọ kúrò nínú omi tí wọ́n tún dà sí i.

Báàkẹ́ẹ̀tì kan àti rúlà tó láti mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n da yanrìn sínú báàkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí wọ́n má gún un, kí wọ́n tẹ́ ojú rẹ̀, kí wọ́n sì wọn gíga rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Kí wọ́n dà á jáde, kí wọ́n bu omi dé ìdajì báàkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa da yanrìn padà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa rò ó. Bó bá jókòó tán ní sẹ̀ǹtímítà 16, ìdá 25 ló fi wú:

```
(20 / 16 - 1) x 100 = 25
```

Lítà 87.5 ni bíríkìlà yẹ kó wọ̀n lọ́jọ́ náà, kì í ṣe 70. Kí wọ́n tún un ṣe láàárọ̀, àti nígbàkígbà tí típà tuntun bá dé, nítorí yanrìn àná lè má jọ tòní.

Fún ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n rà, páànù ìdínǹkan kan tó. Kó wọn kílò kan, kó yan án lórí iná títí yóò fi gbẹ tí yóò máa ṣàn, kó tún un wọ̀n. Bó bá ku gíráàmù 952, omi gíráàmù 48 tó bá a wọlé jẹ́ ìdá 5.

Ẹ̀yin oníyanrìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga inú típà sí ara rẹ̀, kí ìwé tí ẹ ń fún oníbàárà máa sọ kúbíkì mítà. Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n po kọnkéré òpó kankan ní Festac tàbí Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin kí ẹ tó rí ohun tí báàkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ ọjọ́ náà sọ.