Owó orí tí ìjọba ò rí gbà, tí àwa náà ò rí ná

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó ti ń dùn mí lọ́kàn. Gbogbo ìgbà tí owó orí tuntun bá ti jáde, ìbéèrè méjì péré la máa ń jà lé lórí níbí: ta ló máa san án, àti èló ni ìjọba máa rí níbẹ̀. Ìbéèrè kẹta wà tí a kì í bi. Òun ni mo gbé wá lónìí. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ mú bírò àti ìwé, torí a máa ya àwòrán.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ta sóbò. Àwa mélòó kan la jọ ń tà á lẹ́nu géètì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń darí ibẹ̀ ní a ó máa san ₦100 lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ, wọ́n ń ka ìgò ní ti gidi! Ẹ má bi mí pé àwọn wo ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni ohun tí ₦100 yẹn ṣe sí ọjà wa. Màá lo nọ́ḿbà tó rọrùn láti ṣírò, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ọjà wa gan-an.

Ẹ fa ìlà kan dúró, kẹ́ ẹ kọ "iye owó" sí i. Ẹ fa òmíràn dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ "iye ìgò lóòjọ́" sí i. Tí ìgò kan bá jẹ́ ₦1,000, kò sẹ́ni tó máa rà á. Bí owó ṣe ń fi ₦1 wálẹ̀, ẹnì kan á kún àwọn tó ń rà. Ìlà àwọn olùrà nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè níbi ₦1,000, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún.

Àwọn olùtajà ńkọ́? Ṣúgà, ewé, gáàsì àti ìgò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè tà á ní ₦200. Bí owó ṣe ń fi ₦1 kọjá ibẹ̀, ìgò kan á kún ọjà. Ìlà tiwọn bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ níbi ₦200, ó sì ń gòkè lọ sápá ọ̀tún. Fún ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò, tí Q bá jẹ́ iye ìgò, tí P sì jẹ́ iye owó:

```
olùrà:    Q = 1000 - P
olùtajà:  Q = P - 200
```

Ìlà méjèèjì pàdé níbi ₦600, ìgò 400. Bí ọjà ṣe rí nìyẹn kí ₦100 tó dé.

Ó wá dé. Báyìí, owó tó ń kúrò lápò olùrà gbọ́dọ̀ fi ₦100 ju èyí tó ń wọ àpò olùtajà lọ. Ẹ padà sí àwòrán yín, kẹ́ ẹ wá ibi tí àlàfo àárín ìlà méjèèjì ti jẹ́ ₦100 gééré. Ìgò 350 ni. Níbẹ̀, olùrà ń san ₦650, olùtajà ń mú ₦550 lọ sílé. Ṣé ẹ rí i pé àwa méjèèjì la pín in? Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín tí ẹnì kan bá ní, "Àwọn olùtajà ni wọ́n ní kó san án, kò kàn mí." Ó kàn ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí òfin dárúkọ kọ́ ló ń pinnu ẹni tó máa ru ẹrù náà, bí ìlà méjèèjì ṣe dagun sí ni.

₦100 lórí ìgò 350 jẹ́ ₦35,000 lóòjọ́. Lórí àwòrán, ó jẹ́ onígun mẹ́rin tó wà láàárín ₦550 àti ₦650, láti ibẹ̀rẹ̀ títí dé ìgò 350. Mi ò ní sunkún lórí èyí. Owó yẹn kúrò lọ́wọ́ wa, ó dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá fi tún omi ẹ̀rọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, á jẹ́ pé a rí nǹkan gbà padà. (Wọn ò tún un ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ibi tó ń dùn mí wà lápá ọ̀tún onígun mẹ́rin yẹn. Ìgò 400 la ń tà tẹ́lẹ̀, ó ti di 350. Ìgò 50 ti pòórá. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn, ìgò kejìdínlógún lé ní òjìdínnírinwó... ẹ má bínú, ìgò 380 ni mò ń wí jàre. Ẹni tó fẹ́ mu ún lè san tó ₦620. Ẹni tó fẹ́ tà á lè gba ₦580 kó má sì pàdánù. Kí owó orí tó dé, àwọn méjèèjì á pàdé, wọ́n á sì pín èrè ₦40 láàárín ara wọn. Nígbà tí ₦100 wọ àárín, kò sí iye tí wọ́n lè fohùn ṣọ̀kan lé lórí mọ́, torí ₦40 ò lè san ₦100. Olùrà lọ mu omi. Olùtajà ò se é. Èló ni agbowó rí lórí ìgò yẹn? Òfo. ₦40 yẹn ò bọ́ sápò ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣòfò ni.

Ẹ kó irú òfò bẹ́ẹ̀ jọ lórí gbogbo ìgò 50 tó pòórá, á di onígun mẹ́ta kékeré lórí àwòrán yín. Gíga rẹ̀ jẹ́ ₦100, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ìgò 50. Ìdajì 100 × 50 ni ₦2,500. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ń pè é ní dẹ́dì-wéètì lọ́ọ̀sì. Èmi ń pè é ní àdánù àfiṣòfò.

Tẹ́ ẹ bá rò pé mò ń parọ́, ẹ ṣe é láti ọ̀nà mìíràn. Olùrà pàdánù ₦50 lórí ìgò 350, ìyẹn ₦17,500, pẹ̀lú ₦1,250 lórí àwọn ìgò tí wọn ò rà mọ́. Àròpọ̀ rẹ̀ ni ₦18,750. Iye kan náà ni olùtajà pàdánù. Àwa méjèèjì pàdánù ₦37,500, ₦35,000 ni agbowó rí. ₦2,500 tó kù dà?

Ẹnì kan á ní ₦2,500 kéré. Mo gbà. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ₦100 di ₦200. Ìgò di 300, owó tí wọ́n rí di ₦60,000. Àdánù wá di ìdajì 200 × 100, ìyẹn ₦10,000. Owó orí di ìlọ́po méjì, àdánù di ìlọ́po mẹ́rin! Kò sí idán níbẹ̀. Gíga onígun mẹ́ta náà di ìlọ́po méjì, gígùn rẹ̀ náà sì di ìlọ́po méjì.

Tí wọ́n bá tún sọ ọ́ di ₦400, ìgò á di 200, wọ́n á rí ₦80,000, àdánù á jẹ́ ₦40,000. Ẹ fara balẹ̀ wo ìgbésẹ̀ yẹn. Láti ₦200 sí ₦400, ₦20,000 ló kún owó wọn, àmọ́ ₦30,000 ló kún àdánù. Tí wọ́n bá wá dán ₦500 wò, ìgò á di 150, owó wọn gan-an á já wá sí ₦75,000. Èrò tèmi nìyí: ẹni tó bá nílò owó, kó fi owó orí kékeré sórí nǹkan púpọ̀, kó yé di gbogbo rẹ̀ lé orí nǹkan kan ṣoṣo tó rọrùn láti kà.

Ibì kan wà tí onígun mẹ́ta yìí máa ń tàn wá jẹ o. Tí olùrà ò bá níbi tó máa sá sí, bí ẹni tó gbọ́dọ̀ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìlà rẹ̀ á dúró ṣánṣán, àdánù á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ṣé ká wá fi owó orí sórí oògùn ni? Rárá. Àwòrán yìí ń sọ ohun tó ṣòfò, kò sọ ẹni tí ìyà ń jẹ. Bákan náà, lórí sìgá, ìgò... àbí ká ní páálí tó pòórá ni ohun tí ìjọba ń wá. Wọ́n gbé irú àlàyé yẹn kalẹ̀ náà lórí ₦10 tí Òfin Ìnáwó 2021 gbé lé lítà ẹlẹ́rìndòdò aládùn. Tí ṣúgà bá ń kó ìnáwó ìlera bá ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó mu ún, apá kan nínú ìgò tó pòórá kì í ṣe àdánù.

Àmọ́ fèrèsé ńkọ́? Láti 1696 títí di 1851, wọ́n ń gba owó orí lórí fèrèsé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ òfin ọdún 1747, ilé tí fèrèsé rẹ̀ ò tó 10 kì í san owó fèrèsé. Tó bá ti pé 10, á san sísì kan lórí ìkọ̀ọ̀kan, ìyẹn ṣílè 5 lápapọ̀ nítorí fèrèsé kan ṣoṣo tó lé. Tó bá pé 15, sísì yẹn á di pẹ́ńsì 9. Tó bá pé 20, á di ṣílè kan. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n fi bíríkì dí fèrèsé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìgbà náà wò, wọ́n rí i pé ilé pọ̀ jọ rẹpẹtẹ níbi fèrèsé 9, 14 àti 19. Fèrèsé tí wọ́n dí ò mú kọ́bọ̀ wọlé fún ọba, onílé sì jókòó sínú òkùnkùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan nínú fèrèsé dídí tẹ́ ẹ̀ ń rí lára ilé àtijọ́, owó orí yìí ló fà á.

Kẹ́ ẹ tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín, Òfin Ìnáwó 2020 gbé ₦50 lé owó tá a bá fi ránṣẹ́ láti ₦10,000 sókè. Ta ni ò tíì gba ₦9,900 lẹ́ẹ̀mejì rí níbí? Àkókò tá a fi ń pín owó, nẹ́tíwọọ̀kì tó ń já láàárín, "ṣé èkejì ti wọlé?", onígun mẹ́ta kan náà ni gbogbo rẹ̀. Fèrèsé la ń dí.

Nítorí náà, tí wọ́n bá tún gbé owó orí kan jáde, tí wọ́n wá ń yangàn pé àwọn rí iye báyìí, èmi á béèrè pé ìgò mélòó lẹ kà ṣáájú, mélòó lẹ ń kà báyìí. Lẹ́nu géètì wa, ìwé àwọn agbowó mọ́ tónítóní: ìgò 350, ₦35,000, kò sí gbèsè. Ọ̀rẹ́ mi tó ń se sóbò tiẹ̀ ní ₦580 kò sí nínú ìwé yẹn. Kò jẹ wọ́n lówó. Ó kàn kó ìkòkò rẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan ni, kò sì padà wá.