Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ohun Tó Bá Òyìnbó Mu Lè Má Bá Ẹ Mu

Bí òyìnbó ẹni ọdún 45 àti ọmọ Yorùbá ẹni ọdún 45 bá jọ wọ ilé ìwòsàn kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ń ru, tí kò sì sí àtọ̀gbẹ lára wọn, oògùn tí dókítà máa kọ́kọ́ kọ fún wọn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Òyìnbó á gba lisinopírílì tàbí àwọn tó bá a tan, ọmọ Yorùbá á gba amulodipíìnì. Ẹ má rò pé wọ́n ń yan ẹnì kan jẹ ni o. Bí ìlànà ìtọ́jú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wí nìyẹn. Ibi tọ́rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ ni pé oògùn tí aládùúgbò ń lò ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbí máa ń lọ rà ní kẹ́míìsì, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ṣáà ni.

Kíndìnrín ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú máa ń di iyọ̀ mú gan-an. Níbi tí iyọ̀ bá wà, omi á dúró tì í, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ nínú iṣan, á sì máa fi agbára tì í. Nígbà tí ara bá ti rí i pé omi ti pọ̀ tó, á dín ríníìnì kù, ìyẹn èròjà tí kíndìnrín fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì. Ọ̀nà ríníìnì yìí gan-an ni lisinopírílì ń dí. Tí ríníìnì ò bá pọ̀ nílẹ̀, kí ni lisinopírílì fẹ́ dí? Amulodipíìnì kì í wo ojú ríníìnì ní tiẹ̀. Kálísíọ̀mù tó ń wọ inú ẹran ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń dènà, iṣan á sì dẹ̀. Àwọn oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi haidirokulorotayasáìdì, ń lé iyọ̀ náà jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 52, tó ń ta aṣọ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 168 lórí 102. Ó lo lisinopírílì mílígírámù 10 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìfo ọjọ́ kan, ó bọ́ sí 160 lórí 98. Wọ́n bá pa á dà sí amulodipíìnì mílígírámù 5, ó di 148 lórí 92. Wọ́n sọ ọ́ di 10, ẹ̀jẹ̀ tún wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹlòmíì á sọ oògùn nù níbẹ̀. Ohun tí dókítà ṣe ni pé ó dá a padà sí 5, ó wá fi haidirokulorotayasáìdì mílígírámù 12.5 tì í, kó máa lò ó láàárọ̀ kí ìtọ̀ má baà jí i lóru. Lẹ́yìn oṣù kan, ó di 132 lórí 84. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí oògùn yẹn lè kó pòtáṣíọ̀mù àti iyọ̀ jáde jù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròsọ pé oògùn méjì yìí bára mu. Ní ọdún 2019 ni àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Oògùn méjì méjì ni wọ́n fún oníkálukú. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́fà, àwọn tó lo amulodipíìnì, yálà pẹ̀lú haidirokulorotayasáìdì tàbí pẹ̀lú perindopírílì tó jẹ́ ìbátan lisinopírílì, ló ṣe dáadáa jù. Ẹ̀jẹ̀ wọn fi bíi ojú ìwọ̀n mẹ́ta wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò lò ó rárá. Ìyẹn fi hàn pé lisinopírílì àti ẹbí rẹ̀ kì í ṣe oògùn burúkú. Òun nìkan ṣoṣo ni kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára lára ọ̀pọ̀ wa.

Ọ̀pọ̀ wa la wí o, kì í ṣe gbogbo wa. Àwọ̀ ara kọ́ ni àyẹ̀wò. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, tí èròjà ẹran ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, lisinopírílì tàbí ìbátan rẹ̀ ṣì wúlò fún wọn gidi, kò sì yẹ kí wọ́n pa á tì nítorí ohun tí wọ́n kà síbí. Aláboyún ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá sì lò ó tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ wú lójijì, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ orúkọ oògùn náà fún wọn, torí kò ní í gbé e sẹ́nu mọ́.