Ẹ má tìtorí bátìrì nìkan ra OLED

1/ Ẹ gbọ́ ná. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù fóònù, wọ́n á ní “OLED ni o, bátìrì ẹ̀ máa pẹ́.” Èmi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo èèyàn. Kẹ́ ẹ tó fowó kún owó, ẹ jẹ́ ká wò ó.

2/ Lẹ́yìn ojú fóònù LCD, iná kan wà tó ń tàn ṣáá. Bóyá ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò dúdú tàbí ó funfun, iná tó ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. OLED ò ní iná ẹ̀yìn. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ ara ẹ̀. Ibi tó bá dúdú kirikiri, iná ibẹ̀ ti kú nìyẹn.

3/ Ìdí nìyẹn tí Dark mode fi ń ṣiṣẹ́ lórí OLED. Àmọ́ mélòó ló ń gbà là? Lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà ní 100%, ó gba ìdá 39 sí 47 nínú 100 là. Nígbà tó wà ní 30% sí 50%, ìdá 3 sí 9 péré ni.

4/ Ṣẹ́ ẹ rí i? Ẹni tó ń lo fóònù nínú oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ wà lókè, tó sì ń lo Dark mode, ló ń jèrè. Ẹni tó ń ka ojú ìwé funfun nínú yàrá, èrè wo ló rí níbẹ̀?

5/ Ó ku ojú. Tẹ́ ẹ bá rẹ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ OLED á máa kú, á máa tàn, kíákíá. Lórí òmíràn, ó tó ìgbà 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ ẹ ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i ni àkókò tó fi ń kú ń gùn sí i. Ojú ò rí i, àmọ́ orí máa ń fọ́ àwọn kan. Kò ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan. Àwọn LCD kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ jù lórí OLED.

6/ Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rẹ ìmọ́lẹ̀ fóònù tẹ́ ẹ fẹ́ rà sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí ojú ìwé funfun. Ẹ mú fóònù mìíì, ẹ wọ Pro nínú kámẹ́rà ẹ̀, ẹ gbé S sí 1/1000. Tí ìlà dúdú fífẹ̀ bá ń kọjá lójú fóònù, ó ń ṣẹ́jú nìyẹn.

7/ Tẹ́ ẹ bá ti rà á ńkọ́? Ẹ wá DC dimming tàbí Flicker reduction nínú Settings. Tí kò bá sí, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ wá tan Extra dim. Lẹ́yìn náà, ẹ tún fi kámẹ́rà yẹ̀ ẹ́ wò.

8/ Tèmi ni pé tó bá jẹ́ alẹ́ lẹ ń lo fóònù jù, tórí sì tètè ń fọ́ yín, LCD tó dáa kì í ṣe ìtìjú. Kí lẹ̀yin ń lò, báwo lojú yín ṣe rí tílẹ̀ bá ṣú?