Omi Iyọ̀ Ọdún 2014: Bí A Ṣe Ń Dá Irọ́ Ìlera Lóhùn Láìbá A Tan Irọ́ Náà Ká

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìlera, ọjọ́ kan ṣoṣo náà lè pẹ́ jù. Kí òtítọ́ tó dé, ẹni tí ó gba irọ́ gbọ́ lè ti gbé ife sẹ́nu.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nìyẹn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ni Patrick Sawyer, ẹni tí ó kó àrùn Ẹ̀bólà láti Làìbéríà, bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ìpayà gba ìlú kan. Nígbà tí yóò fi di ìdájí ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, fóònù ti ń dún káàkiri orílẹ̀-èdè: mọ̀lẹ́bí ń jí mọ̀lẹ́bí lójú oorun pé kí wọ́n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí òótọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ìròyìn jáde pé ènìyàn méjì ti kú, tí a sì gbé nǹkan bí ogún ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe Ẹ̀bólà ni ó ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, iyọ̀ ni.

Ẹni tí ó tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá ni, ẹ̀gbọ́n ni, aládùúgbò ni. Ìfẹ́ ni ó mú wọn tẹ aago. Ìdí rèé tí ó fi yẹ kí a kọ́ bí a ṣe ń fèsì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá aláṣọ kan ní Gbági, tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ orí fóònù rẹ̀ ní òwúrọ̀, nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù àwọn oníléèsì àti alánkàrá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kí ó da iṣẹ́ náà kọ lódindi, kí ó fi sọwọ́ sí gbogbo ẹni tí ó mọ̀, kí ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: “Irọ́ ni o!” Àṣìṣe mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, ó ti gbé irọ́ náà dé etí àwọn tí kò gbọ́ ọ rí. Èkejì, ìlànà ìwẹ̀ àti mímu ni ó gba gbogbo ojú ìwé, ọ̀rọ̀ àtúnṣe kò ju gbólóhùn kan lọ. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú kà á, ìlànà náà ni yóò rántí. Ẹ̀kẹta, ó ní kí a má ṣe é, kò sọ ìdí, kò sì sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fẹ́ jókòó lásán.

Èsì tí ó dára máa ń fi òtítọ́ ṣíwájú, ó máa ń dárúkọ irọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní àárín, ó sì máa ń fi òtítọ́ parí. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ìbá kọ ọ́ báyìí:

“Ara ẹni tí Ẹ̀bólà ń ṣe, tàbí tí ó pa, ni àrùn náà ti ń ran ènìyàn: nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́ àti àwọn omi ara mìíràn. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ máa fi fọ ọwọ́. Iyọ̀ mímu tí wọ́n ń sọ kì í dènà rẹ̀, ó sì léwu fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ibà bá mú ẹni tí ó bá aláìsàn Ẹ̀bólà pàdé láàárín ọjọ́ 21, kí ó tètè fi tó àwọn oníṣègùn ìjọba létí.”

Kò sí ìwọ̀n iyọ̀ níbẹ̀, kò sí aago tí a ó mu ún, kò sí àwòrán iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò gbọ́ irọ́ náà rí kò lè fi èsì yìí kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tí ó ti gbọ́ ọ sì mọ ohun tí à ń bá wí.

Ó ṣì ku ìdí tí irọ́ náà fi dùn ún gbọ́. Àwọn ènìyàn mọ̀ pé iyọ̀ wúlò. A máa ń fi omi oníyọ̀ díẹ̀ yọ ọ̀nà ọ̀fun, a sì ń fún ọmọ tí ó ń ṣu omi ní omi iyọ̀ àti ṣúgà. Bí a kò bá fi ọwọ́ kan èyí, ọkàn olùgbọ́ yóò máa sọ pé, “Ṣé iyọ̀ yìí náà ni?” Ìdáhùn wà ní ìwọ̀n. Nínú omi iyọ̀ àti ṣúgà, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ tí a gé létí ni ó wà nínú lítà omi kan, pẹ̀lú ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí í ṣe nǹkan bí ṣíbí kékeré kan. Ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Nígbà tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń fa omi jáde láti inú ẹran ara, títí kan ọpọlọ. Òùngbẹ àti èébì ni a kọ́kọ́ ń rí. Bí ó bá le, ènìyàn a máa sọ ìsọkúsọ, gìrì a mú un.

Ọ̀rọ̀ ku sórí ọ̀wọ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbà ni ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, kí ọmọdé sọ pé “Irọ́ lẹ ń pa” lójú ọjà, ìjà ni yóò dá sílẹ̀, àgbà náà yóò sì rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀: “Ẹ ṣeun mà, tí ẹ ro tiwa. Àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí yín ni kò wádìí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ọ́ kúrò, ẹ sì fi èyí rọ́pò rẹ̀.” Ẹni tí a gbé iyì rẹ̀ sí ipò ni yóò tún un ṣe fúnra rẹ̀, àtúnṣe láti ẹnu àgbà sì máa ń wọlé ju ti ọmọdé lọ.

Níbo ni kí á fi èsì sí? Ibi tí irọ́ ti dé ni kí òtítọ́ dé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan péré ni ó gbọ́ ọ, ẹni náà ni kí a bá sọ̀rọ̀. Pípariwo rẹ̀ láti Gbági dé Mápó yóò di ìpolówó ọjà fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba ìlú kan, bíi ti ìdájí ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, tí ó sì lè pa ènìyàn kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ìdákẹ́jẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí a pe aago gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó tàn án ṣe pè é.

Ènìyàn 20 ni Ẹ̀bólà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, kò sì dé Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, a kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Irọ́ kò kásẹ̀ nílẹ̀ ní tirẹ̀: nígbà tí Kòrónà dé ní ọdún 2020, omi gbígbóná àti iyọ̀ tún jáde sórí fóònù, orúkọ àrùn nìkan ni ó yí padà. Ẹni tí ó bá ti ní èsì kúkúrú, tí òtítọ́ ṣíwájú rẹ̀, ní ìpamọ́, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ nígbà tí fóònù bá tún dún ní ìdájí.