Àyà Dídùn Tí A Kò Mọ Orísun Rẹ̀: Kí Ni Ó Yẹ Kí Lẹ́tà Dókítà Sọ?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ ti gba lẹ́tà rí lọ́wọ́ dókítà kan, kí ẹ lè mú un lọ bá dókítà mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé àyà ni ó ń dun aláìsàn, tí ẹni tí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kò sì rí ohun tí ó fà á, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọkàn ni lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lọ. Dókítà ni èmi náà. Mo ti kọ irú lẹ́tà yìí, mo sì ti gbà á lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Èrò mi ni pé púpọ̀ nínú wọn kò ran aláìsàn lọ́wọ́, nítorí pé orúkọ àìsàn tí a fura sí ni wọ́n ń gbé lọ. Wọn kì í gbé ìtàn ìrora náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Obìnrin ẹni ọdún 54 kan, tí ó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn, lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítorí àyà tí ó ń dùn ún. Wọ́n fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ìrora náà kò lọ, wọ́n kọ lẹ́tà yìí lé e lọ́wọ́: “Àyà ń dun aláìsàn yìí. Ó dà bí ọgbẹ́ inú. Ẹ̀rọ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.”

Kí ni oníṣègùn ọkàn yóò rí dì mú nínú èyí? Kò lè mọ̀ bóyá kí òun rí obìnrin náà lọ́sẹ̀ yìí ni tàbí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú yẹn gan-an lè mú kí ó fi í sí ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí a bi obìnrin náà léèrè dáadáa, ohun tí ó sọ ni pé: “Dókítà, kì í ṣe pé ó ń ta mí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà ni, bí mo bá ru aṣọ gun òkè ọjà. Bí mo bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ tí mo jókòó díẹ̀, á lọ.” Kò sí ẹni tí ó bi í ní èyí fún oṣù mẹ́ta.

Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta wà, àwọn ìbéèrè tí lẹ́tà rere kò gbọdọ̀ fò. Èkíní: ṣé ńṣe ni ó ń fún àyà mọ́ra tàbí tí ó ń tẹ̀ ẹ́, ní iwájú àyà, ní ọrùn, èjìká, àgbọ̀n tàbí apá? Èkejì: ṣé iṣẹ́ agbára ni ó ń fà á? Ẹ̀kẹta: ṣé ó máa ń lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 bí ènìyàn bá sinmi? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìfura sí ọkàn lágbára gidigidi. Bí ó bá jẹ́ méjì, a kò gbọdọ̀ fojú fò ó. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí kí ó má sí rárá, ó ṣeé ṣe kí orísun rẹ̀ wà níbòmíràn. Nítorí náà, “bẹ́ẹ̀ kọ́” náà níye lórí, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kejì ni ìwé ẹ̀rọ ìlù ọkàn, èyí tí a ń so okùn rẹ̀ mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kò tó kí a kọ “ó dára”. Ẹni tí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ara ọkàn rẹ̀ ti há lè ní ìwé tí kò lábàwọ́n kankan bí a bá yà á nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni kí a fi sínú àpò lẹ́tà, pẹ̀lú ọjọ́ tí a yà á, kí a sì sọ bóyá àyà ń dun aláìsàn lọ́wọ́ ní àkókò náà. Bí ti àtijọ́ bá wà, kí a fi kún un, kí ẹni tí yóò wò ó lè fi méjèèjì wéra.

Ohun kẹta ni ìbéèrè tí a ń béèrè. Kí dókítà má tijú láti kọ pé òun kò mọ orísun ìrora náà. Bí oògùn ọgbẹ́ inú tilẹ̀ mú kí ara tu aláìsàn díẹ̀, èyí kò dá ọkàn láre. Àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àti àwọn alátọ̀gbẹ sì wà tí ó jẹ́ pé mímí gúlegúle nìkan ni wọn yóò rí, láìsí ìrora.

Ẹ wo bí lẹ́tà obìnrin yìí ìbá ti rí:

“Aláìsàn yìí jẹ́ ẹni ọdún 54, aláṣọ ni. Láti oṣù mẹ́ta ni nǹkan ti ń tẹ̀ ẹ́ ní àárín àyà bí ó bá ru ẹrù gun òkè. Ó máa ń lọ bí ó bá sinmi fún ìṣẹ́jú 3 sí 4. Kò tíì pọ̀ sí i, kò sì wáyé rí nígbà tí ó ń sinmi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń lo ámílódípíìnì mílígíráàmù 5 lójúmọ́. Kò ní àtọ̀gbẹ, kì í mu sìgá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú lójijì ní ẹni ọdún 49. Ìfúnpá rẹ̀ lónìí jẹ́ 150 lórí 95. Títẹ àyà kò dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dín. Oògùn ọgbẹ́ inú fún oṣù mẹ́ta kò ràn án lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀rọ ìlù ọkàn wà nínú àpò yìí. Àyà kò dùn ún nígbà tí a yà á. N kò mọ orísun ìrora náà, ṣùgbọ́n ọkàn ni mo fura sí. Ṣé iṣan ọkàn rẹ̀ ti há ni? Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ rí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.”

Kò kún ojú ìwé kan. A mẹ́nu kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé àìsàn ọkàn tí ó bá bàbá tàbí ọmọ ìyá ẹni lọ́kùnrin kí ó tó pé ọdún 55, tàbí ìyá tàbí ọmọ ìyá ẹni lóbìnrin kí ó tó pé 65, ń fi kún ewu tiwa. A mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀ nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fa irú ìrora kan náà.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó mú un lọ, kí ẹ sì rọra béèrè bóyá ó ti wọ inú lẹ́tà. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín láìṣiṣẹ́, tí ó ju ìṣẹ́jú 15 lọ, tàbí tí òógùn tútù ń bo yín, tí èébì ń gbé yín tàbí tí mímí ṣòro, ẹ má ṣe dúró de lẹ́tà kankan. Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀.